Adìyẹ Tútù Tó Ti Pẹ́ Nínú Fíríìjì: Ohun Tí Òórùn, Àwọ̀ àti Yíyọ̀ Rẹ̀ Lè Sọ, àti Ohun Tí Wọn Kò Lè Sọ

Ọ̀pọ̀ ilé ló ti bá a pàdé: wọ́n fi adìyẹ tútù sínú fíríìjì, kì í ṣe fírísà, ó sì di ọjọ́ kẹta tàbí ọjọ́ kẹrin kí ẹnikẹ́ni tó rántí rẹ̀. Ẹnì kan á ṣí ọ̀rá, á gbóòórùn rẹ̀, á ní kò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹlòmíràn á wo àwọ̀ rẹ̀, á ní ó ti yí padà. Ẹnì kẹta á fọwọ́ kàn án, á ní ó ti ń yọ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jàre, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lè jẹ̀bi, nítorí pé ó níbi tí agbára imú, ojú àti ọwọ́ mọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ibi tí agbára wọn mọ gan-an ni kò sì yé ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ìlànà tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ètò ọ̀gbìn fi lélẹ̀ ni pé adìyẹ tútù, ìbáà jẹ́ odindi tàbí èyí tí a ti gé, kò gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ kan sí ọjọ́ méjì lọ nínú fíríìjì tí òtútù rẹ̀ wà ní 4°C tàbí tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń gbé ní Ìlú Ọba máa ń rí ọjọ́ tí a kọ sára ike adìyẹ tí wọ́n rà, ọjọ́ náà ni wọ́n sì gbọdọ̀ tẹ̀lé. Adìyẹ tí a rà lọ́jà wa kì í ní ọjọ́ kankan lára, nítorí náà àwa fúnra wa la máa kà á. Bí wọ́n bá pa á lójú wa, ọjọ́ tí wọ́n pa á ni ìkà náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ti dì gbagidi tẹ́lẹ̀, ìgbà tí yìnyín ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ni a ó ti máa kà, yálà inú fíríìjì wa ni ó ti yọ́ tàbí lórí àtẹ ẹni tó tà á.

Bí ìlànà bá ti wà, kí ni a tún ń gbóòórùn fún? Ìdáhùn rẹ̀ wà lára àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà lára adìyẹ, nítorí pé oríṣi méjì ni wọ́n, iṣẹ́ wọn kò sì papọ̀. Oríṣi kìn-ín-ní ni àwọn tó ń fa àìsàn, irú bí Salimonẹ́là àti Kampilobákítà, tí wọ́n máa ń ti inú ìfun adìyẹ wá, tí wọ́n sì máa ń ràn mọ́ ẹran nígbà tí a bá ń pa á tàbí tí a bá ń tú inú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í mú kí ẹran rùn, wọn kì í yí àwọ̀ rẹ̀ padà, wọn kì í sì í jẹ́ kó yọ̀. Òtútù fíríìjì tó dára kì í jẹ́ kí wọ́n pọ̀ sí i bó ṣe wù wọ́n, àmọ́ kò pa wọ́n. Adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa láàárọ̀ yìí, tí kò ní òórùn rárá, lè gbé wọn sára.

Oríṣi kejì ni àwọn tó ń ba ẹran jẹ́. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Sudomónásì, tí òtútù kò dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró, tó kàn ń dín eré rẹ̀ kù. Ìwọ̀nba ṣúgà tó wà nínú ẹran ni àwọn wọ̀nyí kọ́kọ́ máa ń jẹ, ní gbogbo àkókò tí wọ́n bá sì fi ń jẹ ṣúgà náà, òórùn tó lè mú ni fura kì í jáde. Nígbà tí ṣúgà náà bá tán ni wọ́n á yíjú sí àwọn èròjà tó para pọ̀ di ẹran ara adìyẹ, ibẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ tó ń rùn ti ń wá. Kí imú tó gbọ́ ohunkóhun, wọn a ti tó nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́wàá lórí ibi tí kò fẹ̀ ju èékánná ọmọ-ìka ọwọ́ lọ. Ìdí nìyí tí adìyẹ fi lè wà láìrùn lálẹ́ àná, kó sì gba gbogbo ilé ìdáná kan láàárọ̀ òní: kì í ṣe òru ni ó bàjẹ́, ó ti ń bàjẹ́ bọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, òru ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn.

Ohun tó tẹ̀lé èyí ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Bí adìyẹ bá rùn tàbí tí ó ń yọ̀, ẹ̀rí ti pé, ó ti bàjẹ́, ẹjọ́ sì ti tán. Bí kò bá rùn tí kò sì yọ̀, a kò tí ì lè dá a láre, nítorí pé àwọn tó ń fa àìsàn kì í fi ara wọn hàn, àwọn tó ń bà á jẹ́ pàápàá sì lè ku wákàtí díẹ̀ kí wọ́n fara hàn. Nítorí náà, iye ọjọ́ àti bí òtútù ṣe dúró sí ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Imú, ọwọ́ àti ojú kò ní ju kí wọ́n bá wa rí èyí tó tètè bàjẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Òórùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé jù, ó sì dára láti mọ bí a ṣe ń gbọ́ ọ. Adìyẹ tútù tí kò tí ì bàjẹ́ kì í ṣe ohun tí kò lóòórùn rárá. Ó ní òórùn ẹran àti ti ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, kò sì le. Èyí tó ti ń bàjẹ́ máa ń kọ́kọ́ ní òórùn dídùn kan tó ń sú ni, bí ti èso tó ti pọ́n kọjá ààlà, èyí tí àwọn ènìyàn sábà máa ń fojú fò nítorí pé wọ́n ń retí pé kó rùn gan-an. Lẹ́yìn náà ni yóò máa kan, tí yóò sì wá dà bí ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ tàbí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ẹran tó tutù nini kì í fi bẹ́ẹ̀ tú òórùn jáde, nítorí náà ẹni tó gbé imú sẹ́nu ọ̀rá níwájú fíríìjì, tó sì ti ilẹ̀kùn pa lójú ẹsẹ̀, kò tí ì gbọ́ nǹkan kan. Kí a gbé e jáde, kí a tú ọ̀rá rẹ̀, kí a gbé e sínú àwo, kí a sì fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yìí ní iṣẹ́ kejì tó ń ṣe. Adìyẹ tí wọ́n dì sínú ọ̀rá tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, irú èyí tó wọ́pọ̀ ní àwọn ilé ìtajà ńlá, máa ń tú òórùn kan jáde ní kété tí a bá já a, tí ẹni tí kò mọ̀ á fi rò pé ó ti bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ tó há sínú ọ̀rá ni. Bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni, yóò fò lọ kí ìṣẹ́jú mélòó kan tó pé. Bí òórùn náà bá dúró, tàbí tó ń le sí i, ẹran náà ni ó ń rùn. Ibi tí a ó sì ti gbọ́ ọ kò gbọdọ̀ jẹ́ orí igẹ̀ nìkan. Abẹ́ apá, inú ihò ikùn, ìdí ọrùn àti ibi tí itan ti so mọ́ ara ni omi máa ń kójọ sí, ibẹ̀ ni ìbàjẹ́ sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà kò gbọdọ̀ ṣe àyẹ̀wò yìí rárá. Kí ó pe ẹlòmíràn nínú ilé.

Yíyọ̀ ni mo fọkàn tán jù nínú àwọn àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà máa ń da àwọn ènìyàn láàmú, nítorí pé gbogbo adìyẹ tútù ni ara rẹ̀ ń rin. Omi tó ń jáde lára ẹran, tí ó máa ń ní àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, kì í ṣe àmì ìbàjẹ́. Ohun tí a ń wá ni nǹkan tó kó jọ sórí awọ, tó nípọn díẹ̀, tó lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, tí kì í sì í ṣàn lọ bí omi. Àwọn kòkòrò náà fúnra wọn ló ń ṣe é bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i, wọ́n á sì bora sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n rọrùn. A ó fi bébà ìnuwọ́ tó gbẹ nu ibì kan lára awọ náà, abẹ́ apá ló dára jù. Bí ó bá jẹ́ omi lásán, bébà yóò fà á mu, ibẹ̀ yóò sì gbẹ dé àyè kan. Lẹ́yìn náà, a ó fi ìka méjì tẹ ibẹ̀, a ó sì ya ìka náà sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí nǹkan kan bá fà láàárín ìka méjèèjì bí omi ilá, tàbí tí ibi tí a nù náà tún ń yọ̀ kí a tó mọ́wọ́ kúrò, kò sí ohun tí a tún ń dúró dè. Kí a fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lójú ẹsẹ̀.

Gbogbo àyẹ̀wò yìí gbọdọ̀ ṣáájú kí omi, iyọ̀ tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ tó kan ẹran náà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìdáná wa, ohun tí ọwọ́ kọ́kọ́ máa ń lọ bá ni iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́, wọ́n á fi fọ adìyẹ náà títí tí yíyọ̀ rẹ̀ á fi lọ, tí òórùn rẹ̀ á sì pa rẹ́, wọ́n á wá ní ó ti dára. Kò dára, ohun tó ń sọ fún wa pé kò dára ni a fọ̀ dànù. Bákan náà ni ti adìyẹ tí a ti rẹ sínú àlùbọ́sà, ata àti kọ́rì kí a tó fi í sínú fíríìjì. Èyí kò ní òórùn tirẹ̀ mọ́, kò ní àwọ̀ tirẹ̀ mọ́, omi èròjà sì ti jẹ́ kí ara rẹ̀ máa yọ̀. Irú adìyẹ bẹ́ẹ̀, iye ọjọ́ nìkan ni a lè fi ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ nípa oúnjẹ kò tilẹ̀ fọwọ́ sí fífọ adìyẹ tútù lábẹ́ ẹ̀rọ omi, nítorí pé omi tó ń ta sílẹ̀ máa ń gbé Kampilobákítà lọ sára abọ́ àti ẹ̀fọ́ tó wà nítòsí.

Àwọ̀ ni ó ń ṣini lọ́nà jù. Awọ adìyẹ lè funfun, ó sì lè pọ́n yẹ́lò, ohun tí ó sì jẹ kí ó tó kú ni ó sábà máa ń fa ìyàtọ̀ náà: àgbàdo yẹ́lò àti ewéko tútù máa ń mú kí awọ àti ọ̀rá ara rẹ̀ pọ́n. Ẹran itan máa ń dúdú ju ti igẹ̀ lọ, èyí kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ìbàjẹ́. Bí a bá rí àwọ̀ aró tàbí dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun adìyẹ tó ti dì rí, pàápàá jù lọ búróílà tí egungun rẹ̀ kò tí ì gbó, mùdùnmúdùn egungun ló jò jáde. Ibi tó funfun, tó gbẹ, tó le lára awọ jẹ́ ibi tí òtútù fírísà ti fa omi rẹ̀ gbẹ. Adùn ibẹ̀ ló ti dínkù, kò léwu. Bí a bá sì rí àwọ̀ ewéko tàbí yẹ́lò ní ojú kan ṣoṣo, nítòsí ibi tí ẹ̀dọ̀ wà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé òróòro bẹ́ mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń tú inú rẹ̀. A ó gé ibẹ̀ kúrò nítorí kíkorò rẹ̀.

Àwọ̀ tó yẹ kó kọ wá lóminú ni èyí tó tàn kálẹ̀. Bí ẹran igẹ̀ tó yẹ kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bá ti di aláwọ̀ eérú káàkiri, tí dídán ara rẹ̀ ti lọ, tàbí tí awọ rẹ̀ ní àwọ̀ ewéko létí apá àti nídìí itan, kí a fura gidigidi. Kí a gbé e lọ sí ojú fèrèsé kí a tó pinnu, nítorí iná gílóòbù tó pọ́n máa ń fún gbogbo ẹran ní àwọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Síbẹ̀, èmi kì í fi àwọ̀ nìkan ṣe ìdájọ́: ẹran lè ṣá díẹ̀ nítorí pé afẹ́fẹ́ kàn án, ẹran mìíràn sì wà tí àwọ̀ rẹ̀ dára títí tó fi ń rùn.

Ẹ jẹ́ kí a fi adìyẹ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹnì kan ra búróílà ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n pa á lójú rẹ̀, wọ́n fi omi gbígbóná tu ìyẹ́ rẹ̀, ó sì gbé e délé láàárín wákàtí kan. Odindi rẹ̀, pẹ̀lú ìgbóná tó ṣì kù nínú rẹ̀, ni ó so mọ́ inú ọ̀rá tó fi tì í sínú fíríìjì. Àṣìṣe kékeré ti wà níbẹ̀, nítorí pé inú odindi adìyẹ kì í tètè tutù. Ká ní ó gé e sí wẹ́wẹ́, tó sì tẹ́ ẹ sínú ike tó fẹ̀, òtútù ì bá tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí iná kò bá lọ rárá, tí fíríìjì náà sì dúró ní 4°C, ó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé kí ọjọ́ méjì tó pé. Bí ó bá yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ náà, tí kò rùn lábẹ́ apá, tí bébà nù ún tó sì gbẹ, kí ó gbé e kaná lọ́jọ́ náà gan-an. Kò gbọdọ̀ fi í dọ̀la nítorí pé ó ti yege àyẹ̀wò.

Ṣùgbọ́n ká ní iná lọ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí kò sì dé títí di aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ajé. Fíríìjì tí a kò ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ lè di òtútù rẹ̀ mú fún nǹkan bí wákàtí mẹ́rin. Èyí fi hàn pé láti nǹkan bí aago kan òru ni adìyẹ náà ti wà níbi tí kò tutù tó, wákàtí mẹ́rin gbáko sì kọjá lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlànà sì ni pé ẹran tútù tó bá ti lo ju wákàtí méjì lọ níbi tó gbóná ju 4°C, dídanù ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, fíríìjì ti ń ṣiṣẹ́ padà, adìyẹ náà tún ti tutù, ó ṣeé ṣe kó má rùn, kó má yọ̀, kí àwọ̀ rẹ̀ sì dára. Gbogbo àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò ní kí a sè é, aago nìkan ni yóò ní kí a má ṣe bẹ́ẹ̀, aago ló sì jàre. Mo mọ̀ pé owó adìyẹ kì í ṣe owó kékeré lásìkò yìí, ìpinnu yìí sì máa ń dunni. Ohun tí ì bá gbà á là ni kí wọ́n ti sè é lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ó ku bíi wákàtí kan tí òtútù fíríìjì yóò tán, tàbí kí ó ti wà nínú fírísà láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, nítorí pé fírísà tó kún lè di òtútù mú fún nǹkan bí wákàtí méjìdínláàádọ́ta bí a kò bá ṣí i.

Àwọn kan á ní iná ìdáná á pa ohunkóhun tó bá wà lára rẹ̀. Lóòótọ́, bí ibi tó nípọn jù nínú itan bá gbóná dé 74°C, Salimonẹ́là àti Kampilobákítà á kú. Àmọ́ àwọn kòkòrò kan wà, irú bí Sitafilokọ́kọ́ọ̀sì, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ráyè pọ̀ lára ẹran tó pẹ́ nínú ooru, wọ́n á ti tu májèlé sínú rẹ̀, májèlé náà kì í sì í kú sínú ìkòkò bí ó ti wù kí a sè é tó. Èébì àti inú rírun tó ń tẹ̀ lé e lè bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ péré. Nítorí náà, adìyẹ tó ti yọ̀ tàbí tó ti rùn kò ní ọ̀nà àtúnṣe kankan, yálà nípa dídín, yíyan tàbí fífi ata rẹpẹtẹ sí i. Kí a má sì gbé e fún ajá, nítorí òun náà lè ṣàìsàn.

Nígbà tí a bá ń dà á nù, inú ọ̀rá méjì ni kí a so ó sí, kí a sì mú un jáde kúrò nílé lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni kí a wo pẹpẹ fíríìjì tó wà nísàlẹ̀ ibi tí ó ti wà, nítorí pé omi adìyẹ sábà máa ń jò. Bí ó bá ti kán sórí ohun tí a kì í sè kí a tó jẹ ẹ́, irú bí tòmátì tí a fẹ́ gé tútù, ewé sàláàdì tàbí èso, kí a kó ìyẹn náà dànù, kí a fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ pẹpẹ náà, kí a sì jẹ́ kó gbẹ kí a tó gbé nǹkan mìíràn lé e. Láti ìgbà náà lọ, pẹpẹ ìsàlẹ̀ pátápátá, nínú abọ́ tó jinlẹ̀, ni kí adìyẹ tútù máa wà.